Àmì Méjì, Àmì Mẹ́ta, Àmì Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Ka Rìmóòtù Amúlétutù Tí A Kò Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti kọ́ èdè Yorùbá lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ yóò ti mọ̀ pé àmì kékeré a máa yí ọ̀rọ̀ ńlá padà. Ẹni tí ó fẹ́ kọ *ọkọ* tí ó gbàgbé àmì abẹ́ rẹ̀, *oko* ni ó kọ, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti di ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìyẹn. Nínú ẹ̀kọ́ ti ìgbà yìí, a fẹ́ fi hàn yín pé irú àmì kékeré bẹ́ẹ̀ wà lára rìmóòtù amúlétutù tí wọ́n fi èdè àwọn ará Ṣáínà kọ, àti pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní sọ ẹ̀rọ tí ó pé di àlòkù irin. Kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ ni a fẹ́ sọ. Ojú wa ni ó ṣe.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Obosi

Nígbà tí àwa mẹ́rin kan nínú ẹgbẹ́ yìí lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní agbègbè Onitsha, ilé màmá oníṣòwò kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni a dé sí ní Obosi, ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Obosi fẹ̀gbẹ́ kan Onitsha pẹ́kípẹ́kí. Ibẹ̀ ni ọjà Mgbuka wà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n ti lò rí. Kò sí ẹrù tòkunbọ̀ tí ènìyàn ń wá ní agbègbè náà tí kò ní rí.

Oṣù Kẹta ọdún ni a débẹ̀, ooru sì mú gan-an. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí òógùn máa bo ojú ọgbẹ́ náà. Èyí ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe ra amúlétutù tòkunbọ̀ kan, tí wọ́n sì gbé e kọ́ yàrá rẹ̀ kí ọmọ náà tó padà sí ibi iṣẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà lára rìmóòtù rẹ̀ ni wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ.

Ìgbà tí a wọlé kí màmá, abẹ̀bẹ̀ ni ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ tí ẹ ń wò yẹn, òkú ni. Ọ̀gá tí ó ń ṣe é ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ ní gáàsì ni ó tán, ó gba owó gáàsì. Lẹ́yìn náà ó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ti kú. Ó ti rí ẹni tí yóò rà á lówó irin. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọn yóò wá gbé e.” Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ náà.

A bi í pé, “Màmá, ṣé kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé ni?” Màmá ronú díẹ̀. Ó ní, “Ó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n ooru ni ó ń tú sí mi lára! Mo ní kí wọ́n yára pa á.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí a dúró. Ẹ̀rọ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ti kú kò lè tú ooru. Ẹ̀rọ tí gáàsì rẹ̀ ti tán kò lè tú u bẹ́ẹ̀ náà. Amúlétutù tí ó bá ní agbára ìmóoru, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kan náà àti gáàsì kan náà ni ó fi ń ṣe òtútù tí ó fi ń ṣe ooru. Ohun tí ó kàn ń ṣe ni pé ó ń yí ọ̀nà tí gáàsì ń gbà padà: bí ó bá ń ṣe òtútù, yóò kó ooru inú ilé jáde; bí ó bá ń ṣe ooru, yóò kó ti ìta wọlé. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ màmá bá lè tú ooru lálẹ́ ọjọ́ òjò, a jẹ́ pé ara rẹ̀ le. A ní kí wọ́n gbé rìmóòtù náà wá kí a wò ó.

Àwọn bọ́tìnì rẹ̀

Rìmóòtù amúlétutù kò ní bọ́tìnì tó ti tẹlifíṣọ̀n. Lára ti màmá, bọ́tìnì tí ó tóbi jù, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ni wọ́n kọ 开/关 sí: títan àti pípa nìyẹn. Èyí tí ó ní ọfà òkè àti ọfà ìsàlẹ̀ ni 温度, ìyẹn ìwọ̀n ooru yàrá tí a fẹ́. 风速 ni bí atẹ́gùn yóò ṣe le tó, 扫风 sì ni èyí tí ó ń mú kí atẹ́gùn máa lọ sókè sódò. 定时 ni a fi ń dá àkókò fún ẹ̀rọ pé kí ó tan ara rẹ̀ tàbí kí ó pa ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ń dédé kú láàrin òru, tí iná kò sì lọ, bọ́tìnì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ṣùgbọ́n ọba wọn ni 模式. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìlànà, ìyẹn irú iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣe. Bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ojú rìmóòtù yóò máa yí padà títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lára ti màmá, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìyí: 自动, 制冷, 除湿, 送风, 制热. Èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e lè yàtọ̀ lára ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ márùn-ún yìí náà ni.

Ẹ ka àmì, ẹ má ṣe há ọ̀rọ̀ sórí

Kò sí nínú wa tí ó gbọ́ èdè Ṣáínà. Àmọ́ àwọn ará Ṣáínà ní àṣà kan nínú ìkọ̀wé wọn: wọn a máa fi àmì kékeré sí ara ọ̀rọ̀ láti fi ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá hàn. Mẹ́ta péré nínú àwọn àmì náà ni a nílò.

Ẹ wo 冷. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ẹ óò rí àmì kékeré méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àmì yìnyín nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí òtútù, 制冷 sì túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ ṣe òtútù.

Ẹ wo 湿. Àmì mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì tirẹ̀. Àmì omi ni. Ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ọ̀rinrin, 除湿 sì ni pé kí ẹ̀rọ mú ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ yàrá. Lára ẹ̀rọ mìíràn, 抽湿 ni wọ́n máa ń kọ, ṣùgbọ́n 湿 yìí náà ni yóò gbẹ̀yìn.

Ẹ wo 热. Wò ó nísàlẹ̀: àmì mẹ́rin ni ó tò sí abẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí a koná sábẹ́ ìkòkò. Àmì iná ni. Ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gbígbóná, 制热 sì ni pé kí ẹ̀rọ ṣe ooru.

Méjì ni yìnyín, mẹ́ta ni omi, mẹ́rin lábẹ́ ni iná. Kò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé 制 ni ó bẹ̀rẹ̀ 制冷, òun náà ni ó bẹ̀rẹ̀ 制热. Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kejì ni kí ẹ máa wò. Ohun kan tún wà tí ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà: àmì omi mẹ́ta wà lára 温度 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bọ́tìnì ìwọ̀n ooru nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ọfà òkè àti ọfà ìsàlẹ̀ ni ẹ óò ti máa rí i. Ní ti 送风, kí ẹ̀rọ kàn fẹ́ atẹ́gùn lásán ni, láìsí òtútù. 自动 sì ni kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yan èyí tí ó bá rò pé ó yẹ.

Bí ó bá jẹ́ àwòrán ni wọ́n yà

Rìmóòtù mìíràn a máa lo àwòrán dípò ọ̀rọ̀. Àwòrán náà sì ní ewu tirẹ̀ fún wa ní ilẹ̀ tí yìnyín kì í bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Èyí tí ó rí bí ìràwọ̀ ẹlẹ́ka mẹ́fà kì í ṣe ìràwọ̀, yìnyín ni; òtútù ni ó dúró fún. Ẹ̀kán omi ni mímú ọ̀rinrin kúrò. Abẹ́ fáànù ni atẹ́gùn lásán. Oòrùn sì ni ooru.

Oòrùn yìí ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oòrùn ń ràn níta, ara ń gbóná, a rí àwòrán oòrùn, a wá rò pé èyí tí a ń lò nígbà tí oòrùn bá mú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ yóò gbé wọ inú yàrá ni àwòrán náà ń sọ. Kò sọ bí ìta ṣe rí.

Ìdí tí ẹ̀rọ màmá fi dákẹ́

Nígbà tí a gbé rìmóòtù náà sí ojú ìmọ́lẹ̀, 制热 ni ó wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú 16. Àmì mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀ kedere. Iná ni wọ́n ń bẹ̀ fún òtútù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ náà kò fi tú ooru ní ọ̀sán, tí ó kàn dákẹ́ bí òkú. Bí ẹ̀rọ bá wà lórí ooru, ìwọ̀n tí a kọ sí i ni ibi tí ó fẹ́ gbé yàrá gòkè dé. Bí yàrá bá ti gbóná ju ìwọ̀n náà lọ, ẹ̀rọ yóò ní iṣẹ́ ti parí, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Yàrá màmá ń gbóná tó 32 ní ọ̀sán. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i sì jẹ́ 16. Lójú ẹ̀rọ náà, kò sí ohun tí ó kù láti ṣe. Bí àwọn ará ilé bá sì ti ń rò pé kò tutù tó, ìwọ̀n náà ni wọ́n ń fà wálẹ̀. Bí wọ́n ti ń wá òtútù sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi oorun kún oorun ẹ̀rọ.

Alẹ́ ọjọ́ òjò ńkọ́? A bi ọmọ-ọmọ màmá kan léèrè, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ni òun gbé ìwọ̀n náà lọ sí 30 lọ́jọ́ náà, bóyá yóò ṣiṣẹ́. Òjò ti mú kí yàrá tutù wálẹ̀ sí nǹkan bí 26. Ẹ̀rọ rí i pé 26 kò tíì tó 30, ó dìde, ó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an: ó tú ooru.

Ọ̀gá tí ó wá tún un ṣe kò purọ́ pé òun kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìta. Lóòótọ́ ni kò dún. Ohun tí ó ṣì í ni pé kò kọ́kọ́ ka ojú rìmóòtù.

Bí a ṣe jí i

A tẹ 模式 títí tí 制冷 fi yọ, a gbé ìwọ̀n sí 24, a sì dúró. Ẹ̀rọ kò yí padà. Ẹnì kan nínú wa ni ó rántí pé a kò gbọ́ kí ẹ̀rọ náà dún “píì” nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́. Ojú fèrèsé ni a kọ rìmóòtù sí! Ẹ fi èyí sọ́kàn: rìmóòtù irú èyí a máa sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ, kì í gbọ́ èsì. Ohun tí ó wà lójú rẹ̀ ni ohun tí ó rò pé òun rán, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ gbọ́. Ojú rìmóòtù lè sọ pé òtútù ni, kí ẹ̀rọ ṣì wà lórí ooru. Ìró “píì” yẹn ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ tí a rán dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí.

A kọ ọ́ sí ojú ẹ̀rọ gan-an, a tún un tẹ̀, ó dún. Síbẹ̀, atẹ́gùn lásán ni ó kọ́kọ́ jáde. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnì kiri ní àkókò yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe kí ó dúró bí ìṣẹ́jú 3 kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà bàjẹ́. Nígbà tí ìṣẹ́jú náà pé, a gbọ́ tí ẹ̀rọ ìta hùn. Màmá dá abẹ̀bẹ̀ dúró, ó ń fetí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, a fọwọ́ kan páìpù tí ó tóbi nínú méjèèjì tí ó so mọ́ ẹ̀rọ ìta: ó tutù, omi sì ń sẹ̀ lára rẹ̀. Omi ti ń kán láti ẹnu rọ́bà tí ó jáde sẹ́yìn ilé. A fi tẹmómítà tí a yá láti yàrá ìwádìí ilé-ìwé wo afẹ́fẹ́ tí ó ń wọ orí ẹ̀rọ inú ilé, ó jẹ́ 31. Èyí tí ó ń tú jáde jẹ́ 20. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá wà láàrin 8 sí 12, ẹ̀rọ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Mọ́kànlá ni tiwa. Nígbà tí ẹni tí yóò ra irin dé lọ́jọ́ Sátidé, orí oorun ni ó bá màmá.

Ibi tí ìmọ̀ yìí mọ

Kíka rìmóòtù kò lè tún ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a pe oníṣẹ́. Bí àmì méjì bá wà lójú rìmóòtù, tí ìwọ̀n tí a kọ kéré sí ti yàrá, tí ẹ̀rọ dún “píì”, tí ẹ̀rọ ìta sì ń hùn, síbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tutù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ìgbà náà ni kí a fura sí gáàsì. Bí a bá tún rí yìnyín tí ó dì mọ́ páìpù tínínrín, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ pe oníṣẹ́. Bí ẹ̀rọ ìta bá wá kọ̀ tí kò dún rárá lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ iná tàbí ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni.

Bákan náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ bí ó bá wà lórí àmì mẹ́ta. Atẹ́gùn rẹ̀ kì í le, ọ̀pọ̀ rìmóòtù kì í sì í gbà kí a yí i padà. Ó dára ní àsìkò òjò tí aṣọ kì í gbẹ. Ní àkókò ọyẹ́, kò wúlò fún nǹkan kan.

Ìkìlọ̀ kan ni ó kù. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ó wá láti Japáànù ní ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti Ṣáínà. 冷房 ni òtútù wọn, àmì méjì náà wà níbẹ̀. 除湿 ni ti ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n 暖房 ni ooru wọn: kò ní àmì mẹ́rin lábẹ́, oòrùn 日 ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ẹ óò dá rìmóòtù Japáànù mọ̀ nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ìlà wọn kò pọ̀, bíi ドライ àti タイマー, máa ń wà láàrin àwọn yòókù. Bí ẹ bá rí i, kí ẹ tó ki ẹ̀rọ náà bọ iná, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Iná inú ilé ní Japáànù jẹ́ 100V, tiwa sì jẹ́ 230V. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 100V sí, bí a bá kì í bọ iná wa láìsí ẹ̀rọ tí ó ń dín agbára iná kù, yóò jóná. Èyí tí ó ti Ṣáínà wá sábà máa ń jẹ́ 220V~ 50Hz, iná wa sì bá a mu. Bẹ́ẹ̀ ni ti màmá ṣe rí.

Ẹ dán ara yín wò

1. Yàrá gbóná dé 33. Ojú rìmóòtù fi 制冷 àti 30 hàn. Ṣé ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́?
2. Ọ̀rẹ́ yín ní atẹ́gùn ẹ̀rọ òun kò le, òun kò sì lè yí i padà. 抽湿 ni ó wà lójú rìmóòtù. Kí ni ẹ óò sọ fún un?
3. Rìmóòtù fi 制冷 hàn, ṣùgbọ́n ooru ni ẹ̀rọ ń tú. Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: (1) Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí 30 kéré sí 33, ṣùgbọ́n bí yàrá bá ti sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 30, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò sinmi, ara ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò sì ní tíì tutù. (2) Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ó tẹ 模式 títí yóò fi rí àmì méjì. (3) Bóyá ẹ̀rọ dún “píì”. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tí wọ́n rán má tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.